Tu àbí vous nínú ímeèlì àkọ́kọ́ sí ẹlẹgbẹ́ tuntun

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé iṣẹ́ wa ní Ìkẹjà ní ọ́fíìsì kan ní Líyọ́ọ̀n, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹnì kan síbẹ̀ tí a ó jọ máa ṣiṣẹ́ lórí ìwé owó àwọn oníbàárà. Camille lorúkọ rẹ̀. Obìnrin ni, àwòrán rẹ̀ kò sì jọ ti ẹni tó ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Èmi ti lé ní márùndínláàádọ́ta. Ní Faransé ni mo fẹ́ kọ ímeèlì àkọ́kọ́ sí i. Ọ̀rẹ́ mi kan ní tu, “o” tiwọn, ni kí n lò torí pé mo ju ọmọ náà lọ dáadáa. Tíṣà tó kọ́ mi ní Faransé ní vous, “ẹ” tiwọn, ni fún gbogbo èèyàn. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Kúnlé, Ìkẹjà.”

Vous ni kí ẹ kọ, kí ẹ sì fi orúkọ àbísọ rẹ̀ kí i: “Bonjour Camille,” lẹ́yìn náà vous títí ímeèlì fi parí. Tíṣà yín ló sún mọ́ òótọ́ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé “gbogbo èèyàn” tó fi kún un kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ yín náà kò parọ́. Yorùbá ló sọ fún yín, ó kàn wọ aṣọ Faransé fún un ni. Ẹ jẹ́ kí n tú ibẹ̀ yẹn ná kí a tó dé orí ohun tí ẹ máa tẹ̀, torí ẹni tó lo vous láìmọ ìdí rẹ̀, ọjọ́ tí Camille bá fi tu dá a lóhùn ni ọkàn rẹ̀ máa dàrú.

Lọ́dọ̀ tiwa, “o” àti “ẹ” dà bí àkàbà. Àgbà wà lókè, ó ń sọ “o” wálẹ̀. Ọmọdé wà nísàlẹ̀, ó ń sọ “ẹ” lọ sókè. Inú kò bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì. Bí wọ́n bá yí i padà gan-an ni ìjà máa dé. Ẹni tó bá wá láti inú Yorùbá bọ́ sínú Faransé a máa rò pé òun ti mọ̀ ọ́n tán: tu ni “o”, vous ni “ẹ”. Nínú ìwé atúmọ̀ èdè, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n láàárín àgbàlagbà méjì tó jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Faransé, kò sí àkàbà níbẹ̀. Òṣùwọ̀n kan náà ni wọ́n jọ ń lò: èyí tí ẹnì kan bá fi wọn ọ̀rọ̀ fún ẹnì kejì ni ẹnì kejì máa fi wọ̀n padà fún un. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í lo tu fún èèyàn, mo ti gbà pé kí òun náà lo tu fún mi. Bí vous ni mo lò, vous ni mò ń retí. Vous kò sọ pé “mo kéré sí yín”. Ohun tó ń sọ ni pé “a kò tíì mọ ara wa”. Ìdí nìyí tí ọ̀gá ẹni ọgọ́ta ọdún fi lè máa lo vous fún ọmọ ogún ọdún tó wá kọ́ṣẹ́, tí ipò rẹ̀ kò sì dín kù lójú ẹnikẹ́ni. Ìdí kan náà ni ọmọ yẹn fi lè máa lo tu fún ọ̀gá náà ní ilé iṣẹ́ mìíràn, tí kò sí ẹni tó máa pè é ní aláfojúdi.

Ibi tí tu tí kò ní èsì ti wà ni láàárín àgbàlagbà àti ọmọ kékeré, tàbí láàárín olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Bí àgbàlagbà bá wá lo tu fún àgbàlagbà ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń retí vous padà, bí ìgbà tí ó bá ń fojú tín-ín-rín rẹ̀ ni. Ọ̀ràn yìí le débi pé ìlànà ìwà tó de àwọn ọlọ́pàá àti àwọn jandamu ilẹ̀ Faransé, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2014, kọ ọ́ sílẹ̀ pé vous ni kí wọ́n máa fi bá ará ìlú sọ̀rọ̀. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, ó ní ìtàn tirẹ̀. Nígbà ìjọba amúnisìn, tu ni ọ̀pọ̀ òyìnbó Faransé ń lò fún adúláwọ̀, ì báà jẹ́ ẹni tó lè bí wọn lọ́mọ, vous ni wọ́n sì ń retí lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ yín pé kí ẹ lo tu torí pé ẹ jù ú lọ, ìyẹn gan-an ni irú tu tó ń dun àwọn elédè náà jù lọ.

Ẹ fojú inú wo Camille ní ọjọ́ kejì tó dé ibi iṣẹ́, tó ṣí ímeèlì láti ọ̀dọ̀ ẹni tí kò rí rí, tó sì bá tu níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé tu ni gbogbo ilé iṣẹ́ yín ń lò, kò sì ní ronú lé e lórí, yóò dá a padà ní tu. Nígbà náà, ẹ bi ara yín bóyá inú yín máa dùn nígbà tí ọmọ tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún bá kọ “tu as oublié la pièce jointe” sí yín, ìyẹn ni pé “o gbàgbé láti so fáìlì mọ́ ọn”. Bí ọkàn yín kò bá lè gbà á, tu kò tọ́ sí yín láti kọ́kọ́ lò. Ó sì tún lè jẹ́ pé vous ni wọ́n ń lò níbẹ̀, kí ó wá máa ronú pé ta ni ọ̀gbẹ́ni yìí rò pé òun jẹ́. Ìpalára méjèèjì kò dọ́gba. Vous tó pọ̀ jù, gbólóhùn kan péré ló máa ń tún un ṣe. Tu tó yá jù kò ṣe é kó padà, torí bí ẹ bá ti lo tu fún èèyàn tán tí ẹ wá padà sí vous, ìbínú ni yóò gbọ́ níbẹ̀, bí ìgbà tí tọkọtaya bá jà tí wọ́n wá ń pe ara wọn ní “Ọ̀gbẹ́ni” àti “Ìyáàfin”.

Kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ lo ìṣẹ́jú díẹ̀ láti wo ohun tó wà nílẹ̀. Ẹ wá ímeèlì tí àwọn ará Líyọ́ọ̀n ti kọ sí ara wọn tí ẹ̀dà rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ yín, kí ẹ wo ohun tí ọ̀dọ́ ń lò fún ọ̀gá. Ẹ wo ìpolówó iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ náà gbé sórí ojú ìwé rẹ̀ ní Faransé. Bí wọ́n bá kọ “Vous maîtrisez la comptabilité”, ilé vous ni wọ́n fi ń hàn fún àlejò. Bí ó bá jẹ́ “Tu maîtrises”, wọ́n fẹ́ kí ayé mọ̀ pé tu làwọn ń lò. Ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó kéré tí àwọn ọ̀dọ́ dá sílẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ilé tu, bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn oníròyìn àti àwọn tó ń ṣe ìpolówó ọjà. Báńkì, ọ́fíìsì lọ́yà àti ilé iṣẹ́ ìjọba fara mọ́ vous. Ohun kan wà tó máa ń tan èèyàn jẹ nínú àyẹ̀wò yìí o. Vous náà ni wọ́n ń lò fún èèyàn púpọ̀, gẹ́gẹ́ bí “ẹ” tiwa. Bí ìfìwéránṣẹ́ kan bá lọ sọ́dọ̀ ẹni mẹ́ta, vous inú rẹ̀ kò sọ nǹkan kan fún yín nípa bí wọ́n ṣe ń pe ẹnì kọ̀ọ̀kan. “Chez vous à Lagos” náà lè jẹ́ “lọ́dọ̀ ẹ̀yin ará Èkó” lásán. Ímeèlì tó lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹnì kan ṣoṣo nìkan ni kí ẹ gbára lé.

Kódà bí ẹ bá rí i pé tu ni gbogbo wọn ń lò, mo ṣì fara mọ́ vous fún ìlà àkọ́kọ́ yìí. Ẹni tuntun ni òun náà, ó lè má tíì mọ àṣà ilé. Ohun tó bá a mu rèé:

```
Objet : Factures de septembre

Bonjour Camille,

Je suis chargé des factures clients au bureau
de Lagos, et nous allons travailler ensemble
sur ce dossier. Pourriez-vous m'envoyer le
fichier de septembre avant jeudi ?

Bienvenue dans l'équipe, et n'hésitez pas à
m'écrire si vous avez des questions.

Cordialement,
Kunle
```

Ohun tó sọ kò ju pé ẹ̀yin lẹ ń bójú tó ìwé owó oníbàárà ní Èkó, pé ẹ jọ máa ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, pé ṣé ó lè fi fáìlì oṣù kẹsàn-án ránṣẹ́ kí ó tó di Ọjọ́bọ̀, pé ẹ kí i káàbọ̀, kí ó sì má ṣe lọ́ra láti béèrè ohun tí kò bá yé e. Ẹ kíyè sí i pé orúkọ àbísọ àti vous jókòó pọ̀ níbẹ̀ láìjà. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé bí a bá ti lè pe èèyàn ní orúkọ rẹ̀, “o” ti dé nìyẹn. Ní ọ́fíìsì Faransé, àárín ọ̀nà gan-an ni orúkọ pẹ̀lú vous jẹ́: kò le bíi “Bonjour Madame,” tí èèyàn ń kọ sí àjèjì tàbí sí ọ̀gá àgbà, kò sì tú sílẹ̀ bíi “Salut Camille”. Ẹ má kọ “Madame Camille” o. Mo mọ̀ pé ó máa ń wù wá láti fi nǹkan síwájú orúkọ, ká má baà pe èèyàn ní orúkọ lásán, ṣùgbọ́n orúkọ ìdílé ni Madame ń bá rìn ní ọ́fíìsì ilẹ̀ Faransé. Ẹ sì má ṣe kọ Mr, Monsieur tàbí oyè kankan síwájú orúkọ tiyín nísàlẹ̀. Orúkọ tí ẹ bá fi parí ímeèlì ni ẹ ń sọ pé kí ó máa pè yín. Bí ẹ bá kọ “Kunle”, ó máa kọ “Bonjour Kunle”, kò sì fi ṣe àfojúdi.

“Pourriez-vous” yẹn ṣe pàtàkì ju vous inú rẹ̀ lọ. Nínú Yorùbá, “ẹ fi fáìlì náà ránṣẹ́” ti ní ọ̀wọ̀ nínú, torí “ẹ” náà ló gbé ọ̀wọ̀ náà wá. Bí ẹ bá gbé e bẹ́ẹ̀ sínú Faransé, “Envoyez-moi le fichier” ni yóò jáde, àṣẹ gidi ni, vous kò sì rọ̀ ọ́. Vous kì í dá iṣẹ́ ọ̀wọ̀ ṣe níbẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó dà bí ìbéèrè, “pourriez-vous”, àti kíkí ẹni kí ẹ tó sọ ohun tí ẹ wá ṣe, ìyẹn ló ń gbé e. Ẹni tó kọ “pourrais-tu” pẹ̀lú tu níwà ju ẹni tó kọ “envoyez” pẹ̀lú vous lọ.

Àṣìṣe tó máa ń tú àṣírí ẹni tó ń kọ ọ́ ni àdàlù. Èèyàn á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú vous, nígbà tó bá fi máa dé ìsàlẹ̀, “merci de ton aide” ti wọlé, tàbí “s'il te plaît”. Lójú ẹni tó ń kà á, ó dà bí ẹni tó kí àgbà pé “ẹ káàárọ̀” tó wá parí rẹ̀ pẹ̀lú “ó dàárọ̀ fún ọ”. Lẹ́yìn tí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ fi ojú wá àwọn ọ̀rọ̀ kékeré yìí nìkan: tu, te, t', toi, ton, ta, tes. Bí ẹ bá rí ọ̀kan tó ń tọ́ka sí Camille, ẹ yí i sí vous, votre tàbí vos. Ẹ tún wo ìparí ọ̀rọ̀ tó bá ń ṣàpèjúwe rẹ̀. Vous gba ọ̀rọ̀-ìṣe ọlọ́pọ̀, “vous êtes”, ṣùgbọ́n ẹni kan ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀, obìnrin sì ni, nítorí náà “vous êtes arrivée” ni, láìsí s ní ìparí rẹ̀. Bí ẹ bá kọ “arrivés”, ó máa wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn wà níbẹ̀. Camille jẹ́ orúkọ tí ọkùnrin àti obìnrin ń jẹ́, àwòrán ló sì gbà yín. Níbi tí kò bá sí àwòrán, ẹ kọ gbólóhùn tí irú ìparí bẹ́ẹ̀ kò ní sí níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí èyí tó wà lókè yẹn.

Bí ẹ bá tún ní láti dárúkọ ọ̀gá yín nínú rẹ̀, ẹ má gbé “wọ́n” lọ síbẹ̀. Àwa ní “ọ̀gá ní àwọn fẹ́ rí i”, ẹni kan ṣoṣo ni. Faransé kò ní irú ọ̀wọ̀ yẹn fún ẹni tí kò sí níbẹ̀. Il tàbí elle ni ọ̀gá àgbà àti ẹni tó ń gbálẹ̀. “Ils” máa jẹ́ kí Camille wá ọ̀gá kejì.

Ó kù sí èsì. Bí ó bá kọ “Bonjour Kunle, merci pour votre message”, ó ti gba òṣùwọ̀n yín, ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá kọ “merci pour ton message”, ilẹ̀kùn ti ṣí, ẹ wọlé lójú ẹsẹ̀. Nínú ímeèlì kejì yẹn gan-an, tu láti òkè délẹ̀: “Bonjour Camille, merci, j'ai bien reçu ton fichier.” Kò sí pé ẹ ń tọrọ àyè tàbí ẹ ń ṣàlàyé. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń kọsẹ̀. Ẹlòmíràn á ní ìwà pẹ̀lẹ́ lòun ń hù, á sì máa lo vous fún ẹni tó ń lo tu fún òun. Lẹ́tí tiwa, ìrẹ̀lẹ̀ ni. Lẹ́tí tiẹ̀, ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú ni, tàbí ẹ sọ ọ́ di arúgbó. Ó tún lè béèrè tààrà pé “On peut se tutoyer ?”, ìyẹn ni pé ṣé ẹ lè jọ máa lo tu, kí ẹ dáhùn “Oui, avec plaisir”, kí gbólóhùn tó tẹ̀ lé e sì ti gba tu. Bí vous bá yọ bọ́ lọ́wọ́ yín lẹ́yìn náà, kò sí ẹni tó máa bínú sí i, àwọn elédè gan-an ń ṣì í.

Bí kò bá wá sí tu tàbí vous nínú èsì rẹ̀ ńkọ́? Ó máa ń ṣẹlẹ̀: “Merci pour le message, voici le fichier. Bonne journée.” Ẹni tó kọ bẹ́ẹ̀ lè máa kánjú lásán, ó sì lè máa sá fún un ni, torí òun náà kò mọ èyí tó máa lò fún yín. Ẹ dúró sórí vous. Lẹ́yìn bíi ímeèlì mẹ́ta tàbí mẹ́rin, bí iṣẹ́ bá ń lọ dáadáa, ẹ̀yin ni ẹ lè sọ ọ́: “Si vous êtes d'accord, nous pouvons nous tutoyer.” Ọjọ́ orí yín wúlò níbí, torí láàárín wọn, ẹni tó dàgbà jù tàbí tó ga jù nípò ló sábà máa ń kọ́kọ́ dá a lábàá, kì í ṣe ẹni tó kéré. Ẹ dúró de èsì rẹ̀ kí ẹ tó yí i padà. Bí tu kò bá sì bá yín lára mu rárá, ẹ lè sọ pé “Je préfère garder le vous pour l'instant, c'est une habitude”, pé vous ló mọ́ yín lára, ẹ sì fẹ́ dúró sórí rẹ̀ ná. Kò jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ní ilé tu, ẹ máa dá yàtọ̀, mi ò ní tàn yín.

Gbogbo èyí, ilẹ̀ Faransé ni mo fi wọ̀n ọ́n. Ní Kùbẹ́ẹ̀kì, tu máa ń yá ju bẹ́ẹ̀ lọ láàárín òṣìṣẹ́. Vous ìlà àkọ́kọ́ kò ní bí ẹnikẹ́ni nínú, èsì rẹ̀ kàn lè jẹ́ tu kíákíá ni. Ní Kútọnu tàbí Lomé, ipò ń wúwo sí i lórí ìwé: “Monsieur le Directeur” ṣì wọ́pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ímeèlì sí ọ̀gá, orúkọ àbísọ nìkan sì lè yá jù, nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Bonjour Madame” tàbí “Bonjour Monsieur” kí ẹ jẹ́ kí òun fi orúkọ tó fẹ́ hàn yín nísàlẹ̀ èsì rẹ̀. Bí ẹlẹgbẹ́ náà bá wá jẹ́ ọmọ Kétu tàbí Àjàṣẹ́ tó gbọ́ Yorùbá, ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu bí ó bá kọ tu sí yín ní àárọ̀ tó sì kí yín ní “ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà” lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́. Kò tíì yí èrò rẹ̀ padà nípa yín. Èdè ló yí.